Ọ̀rọ̀ ìfinihàn fún onílù tí ó ń lùlù sínú orin ẹlòmíràn ní sítúdíò: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Olùkọ́ Orin, Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ilé-ẹ̀kọ́ girama ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní orin, Ọjọ́ Orin wa sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Àlejò tí a pè jẹ́ àgbà onílù tí wọ́n ń lu ìyáàlù dùndún àti gángan. Wọn kò ní ẹgbẹ́ olórin tiwọn, wọn kò sì tíì gbé àwo kankan jáde lórúkọ ara wọn, ṣùgbọ́n ìlù wọn wà nínú orin tí àwọn ọmọ wọ̀nyí ń kọ lẹ́nu lójoojúmọ́. Iṣẹ́ wọn ni pé kí olórin kan háyà wọn wá sí sítúdíò, kí wọ́n lùlù sínú orin onítọ̀hún, kí wọ́n gba owó iṣẹ́ wọn, kí wọ́n sì máa lọ. Olórin sẹ́ṣọ̀n ni àwọn tí ó wà nídìí iṣẹ́ náà ń pe irú wọn.

Èmi ni ọ̀gá ilé-ìwé wa ní kí n sọ ọ̀rọ̀ tí a ó fi fi bàbá hàn, ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni a sì fún mi. Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ nìyí: "Ẹ jẹ́ kí a pàtẹ́wọ́ fún ògbóǹtarìgì onílù, ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri, tí ó ti bá gbogbo gbajúgbajà olórin ilẹ̀ wa ṣiṣẹ́ pọ̀, tí kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n." Mo kà á sí àwọn ọmọ kíláàsì kejì létí. Ọ̀kan nínú wọn nawọ́, ó ní, "Sà, bí òkìkí wọn bá kàn, kí ló dé tí a kò mọ orúkọ wọn?" N kò rí èsì tí ó tẹ́ mi lọ́rùn fún un. Báwo ni mo ṣe lè ṣàlàyé iṣẹ́ yìí fún ọmọ ọdún méjìlá, tí kò ní dà bí ẹni pé mo ń bá bàbá kẹ́dùn pé wọn kò gbajúmọ̀?

Ìyá Ìbejì

Ẹ kú ìmúrasílẹ̀, sà. Èmi náà ti ṣe irú ètò yìí rí ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ ni pé kí wọ́n wo agbádá tí wọ́n kó iṣẹ́ ọnà sí lọ́rùn. Ẹni tí ó wọ agbádá ni gbogbo ayé ń kí, ṣùgbọ́n ẹnìkan ló jókòó tí ó fi abẹ́rẹ́ kó ọnà náà, òun ni agbádá fi di ohun tí ojú ń wò. Àwọn ọmọ kékeré tètè ń gbọ́ èyí yé. Kí ẹ yọ "òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri" kúrò o, nítorí òun gan-an ló fa ìbéèrè ọmọ yẹn.

Ará Àpápá

Olùkọ́, ohun tí àwọn ọmọ òde òní ń fẹ́ gbọ́ ni orúkọ. Ẹ sọ fún wọn pé Tony Allen ni olórin sẹ́ṣọ̀n Fẹlá, ẹ sì sọ fún wọn pé nígbà tí Paul McCartney, olórin ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá gba orin sílẹ̀ ní sítúdíò EMI ní Àpápá níbí ní 1973, Remi Kabaka, ọmọ Nàìjíríà, ni ó wá bá a lùlù níbẹ̀. Bí ẹ bá ti mú irú orúkọ méjì bẹ́ẹ̀ wọlé, ojú gbogbo wọn yóò là, wọn yóò sì mọ̀ pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni bàbá ń ṣe.

Ọmọ Àyàn

Ẹ̀yin ará, mo kí yín. Ìdílé onílù ni a ti bí mi, mo sì ti ń lùlù ní sítúdíò ní Èkó láti ìgbà tí mo ti jẹ́ ọ̀dọ́. Mo fẹ́ kí Olùkọ́ mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ gan-an bí a bá pe irú wa sí iṣẹ́, nítorí láti inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yín ti lè jáde, orúkọ gbajúmọ̀ kò sì ní jẹ́ ọ̀ranyàn mọ́.

Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, olórin ti kọ orin rẹ̀ tán kí a tó débẹ̀. Wọn yóò ní kí o dé hẹ́dìfóònù sórí, wọn yóò sì fi orin náà sí etí rẹ. Èmi kì í fọwọ́ kan ìlù nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá fi í. Mo máa ń gbọ́ ibi tí olórin ti ń mí àti ibi tí ó ti ń dákẹ́, nítorí pé ìlù wa ń sọ̀rọ̀, bí ìlù bá sì ń sọ̀rọ̀ lásìkò tí olórin ń sọ̀rọ̀, ẹni tí ń gbọ́ kò ní gbọ́ ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì. Lẹ́yìn náà ni n óò béèrè pé: ta ni a ń fi orin yìí kí? Kí ni ẹ fẹ́ kí ìlù wí? Mo ti dé sítúdíò kan rí tí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ni orin sọ fún mi pé, "Bàbá, ẹ ṣáà lu nǹkan kan." N kò lù ú títí ó fi sọ orúkọ àti oríkì ìyá rẹ̀ fún mi, nítorí ìyá rẹ̀ ni ó ń kọrin kí. Bí mo bá ti lu òwe kan tí kò bá ọ̀rọ̀ orin mu, àgbàlagbà tí ó bá gbọ́ ọ lórí rédíò yóò mọ̀ pé onílù kò gbọ́ orin náà kó tó lù ú.

Ohun kejì ni kílíìkì. Ìró kan ni ó máa ń dún "kọ́, kọ́, kọ́" ní etí rẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ orin dé òpin, kì í yára, kì í sì í falẹ̀. Ní òde ìnáwó, ìyáàlù ni ó ń darí, bí ó bá yára, gbogbo ẹgbẹ́ yóò yára tẹ̀lé e. Ní sítúdíò, kò sí ẹni tí yóò dúró dè ọ́. Mo ti rí àwọn tí ọwọ́ wọn dá ṣáṣá lóde, tí wọ́n lu ìṣẹ́jú kan péré sí kílíìkì tí ìlù wọn sì ti sá kọjá orin. Bí ẹ ó ṣe mọ̀ ni pé bí wọ́n bá tún orin náà gbọ́ láìsí kílíìkì, ìlù àti gìtá yóò máa dún bí ẹni méjì tí ń rìn lọ tí ẹsẹ̀ wọn kò bára mu.

Lẹ́yìn náà, wọn yóò ní kí o tún un lù, bóyá lẹ́ẹ̀mejì, bóyá jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n lè ṣa èyí tí ó dára jù lọ. Wọ́n sì lè gé gbogbo rẹ̀ dànù, kí wọ́n fi ìwọ̀nba tí kò tó ìdá mẹ́wàá ohun tí o lù sílẹ̀. Ẹni tí inú rẹ̀ bá ń bàjẹ́ sí èyí kò lè pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà. Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́ nìyẹn: iṣẹ́ wa ni kí a gbọ́ orin ẹlòmíràn dáadáa ju ẹni tí ó ni ín lọ, kí a sì mọ ohun tí kò yẹ kí a lù.

Ọ̀rọ̀ agbádá tí Ìyá Ìbejì sọ dára, ṣùgbọ́n kò kárí. Ọnà ni wọ́n ń kó sí agbádá tí a ti rán tán. Nígbà mìíràn, àwa onílù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ pè, ìlù wa ni ìpìlẹ̀, gìtá, dùrù àti ohùn yóò sì wá jókòó lé e lórí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ bàbá èyí tí wọ́n máa ń ṣe jù.

Alága Òbí

Ẹ kú àlàyé. Ní ilé-ìwé tí àwọn ọmọ mi ń lọ, a háyà ẹgbẹ́ olórin kan fún ayẹyẹ ìparí ọdún, owó tí wọ́n béèrè pọ̀, wọ́n pẹ́ dé, wọ́n sì tún ní kí a gbé jẹnẹrétọ̀ wá. Kí Olùkọ́ kọ ohun gbogbo sí ìwé: iye wákàtí tí onílù yìí yóò fi lùlù, owó ọkọ̀ àti oúnjẹ. Irú àwọn olórin tí a ń háyà fún òde báyìí, bí a kò bá bá wọn ṣàdéhùn, ọ̀rọ̀ ń dójú rú.

Ọmọ Àyàn

Alága, ìmọ̀ràn yín lórí ìwé àdéhùn wúlò, ṣùgbọ́n iṣẹ́ òde ni ẹ ń sọ. Ẹni tí a háyà fún òde ń lùlù fún ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀, tí ó ń jó, tí ó sì lè ná owó fún un. Bí ó bá ṣi ìlù kan lù, kò sí ẹni tí yóò rántí lọ́la. Èyí tí a lù ní sítúdíò ni wọn yóò máa gbọ́ ní ogún ọdún sí i, a kò sì rí ojú ẹni tí ń gbọ́ ọ. Ẹnìkan náà lè máa ṣe iṣẹ́ méjèèjì, mo sì gbà pé bàbá ń ṣe méjèèjì, ṣùgbọ́n èyí tí Olùkọ́ fẹ́ ṣàlàyé ni ti sítúdíò.

Gìtá Lọ́ńdọ̀n

Mo kí gbogbo ilé. Gìtá báàsì ni iṣẹ́ mi ní ìlú Lọ́ńdọ̀n, iṣẹ́ sítúdíò ni mo fi ń san owó ilé. Ẹ̀gbọ́n mi Ará Àpápá, ẹ jọ̀wọ́, kí Olùkọ́ má gbé orúkọ méjèèjì yẹn lọ sí gbọ̀ngàn bí ẹ ṣe sọ wọ́n. Ọmọ ẹgbẹ́ ni Tony Allen jẹ́ nínú Áfíríkà 70, ẹgbẹ́ olórin Fẹlá, òun sì ni aṣáájú àwọn olórin inú ẹgbẹ́ náà. Ẹni tí ó bá wà nínú ẹgbẹ́ kì í ṣe olórin sẹ́ṣọ̀n ẹgbẹ́ náà. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ tí ó ti kúrò lọ́dọ̀ Fẹlá ni ó lu ìlù sínú àwo tí Charlotte Gainsbourg, akọrin ará ilẹ̀ Faransé, gbé jáde ní 2006, ìyẹn ni a lè pè ní iṣẹ́ sẹ́ṣọ̀n. Ní ti McCartney, òótọ́ ni pé ó wá sí Àpápá ní 1973, ṣùgbọ́n Lọ́ńdọ̀n níbí ni wọ́n ti gba ìlù Remi Kabaka sílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n padà dé, orin kan ṣoṣo nínú àwo tí McCartney wá gbà sílẹ̀ náà ni ó sì lù sí, ìyẹn "Bluebird". Ìtàn náà wúlò gan-an fún Olùkọ́ bí ẹ bá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ó fi hàn pé ẹni tí ó lu orin kan kò ní láti wà níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ orin náà, ó lè dé lẹ́yìn oṣù díẹ̀, kí ó bá ohùn àti gìtá nínú téèpù, kí ó sì fi tirẹ̀ kún un.

Ìbéèrè ọmọ yẹn, pé kí ló dé tí a kò mọ orúkọ wọn, ní èsì gidi. Ní Détíróìtì ní Amẹ́ríkà, àwọn kan náà ni wọ́n ń lu ohun èlò sínú orin ọ̀pọ̀ nínú àwọn akọrin Mótáùn, ilé-iṣẹ́ tí ń gbé àwo jáde, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Funk Brothers ni a ń pè wọ́n. Orúkọ wọn kò sí lára àwo, títí di 1971 tí Marvin Gaye gbé àwo kan jáde tí ó sì fi orúkọ wọn sí ara páálí rẹ̀. Kì í ṣe pé wọn kò mọ iṣẹ́ wọn, ẹni tí ó ń tẹ páálí àwo ni kò kọ orúkọ wọn sí i. Lónìí, orí fóònù ni àwọn ọmọ ti ń gbọ́ orin, páálí pàápàá kò sí mọ́ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Ẹ sọ èyí fún wọn bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Bí àwọn ọmọbìnrin bá sì wà ní gbọ̀ngàn, ẹ rántí Carol Kaye, obìnrin tí ó ta gìtá báàsì sínú àìlóǹkà orin ní Los Angeles láti 1963, nígbà tí onígìtá báàsì kan kò wá sí iṣẹ́ tí wọ́n sì ní kí òun tí ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú gìtá lásán gbé báàsì.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ owó kún un. Ní ọ̀dọ̀ wa níbí àti ní Amẹ́ríkà, wákàtí mẹ́ta ni ẹgbẹ́ àwọn olórin ń ṣírò gẹ́gẹ́ bí ìjókòó iṣẹ́ kan. Owó náà ni o gbà, yálà orin náà tà tàbí kò tà. Ṣùgbọ́n láti 1996 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ pé bí rédíò bá lo rẹ́kọ́ọ̀dù, àwọn tí wọ́n lu ohun èlò sínú rẹ̀ náà ní ìpín. Ní Amẹ́ríkà, nínú owó tí rédíò orí ayélujára ń san, ìdá 5 nínú 100 ni ó wà fún àwọn tí orúkọ wọn kò sí níwájú. Kí o tó rí i gbà, o ní láti fi hàn pé o wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ gbogbo iṣẹ́ sí ìwé kékeré kan: ọjọ́, sítúdíò, orin, ẹni tí ó pè mí.

Ìyá Ìbejì

Ẹ ṣé, àbúrò mi ní Lọ́ńdọ̀n, mo kọ́ ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n èmi kò fara mọ́ ọn kí a máa ka ọ̀rọ̀ owó níwájú àwọn ọmọ àti níwájú àlejò. Àgbàlagbà ni wọ́n, àwọn òbí yóò wà níbẹ̀. Bí a bá sọ pé owó iṣẹ́ nìkan ni bàbá gbà nígbà tí ẹni tí ó ni orin ra mọ́tò, ìtìjú ni yóò dà fún wọn.

Gìtá Lọ́ńdọ̀n

Ẹ̀gbọ́n mi, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó béèrè ìdí tí a kò fi mọ orúkọ wọn yóò béèrè ọ̀rọ̀ owó tẹ̀lé e. Bí Olùkọ́ bá sọ gbólóhùn kan pé owó iṣẹ́ ni wọ́n ń gbà bí gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Olùkọ́ Orin, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ará. Mo ti pe bàbá lórí fóònù. Wọ́n fi orúkọ orin mẹ́rin ránṣẹ́, wọ́n sì ní kí n má dárúkọ èyí tí ó lókìkí jù nínú wọn, nítorí pé àdéhùn wà láàárín wọn àti ẹni tí ó ni orin pé kí wọ́n má polówó ara wọn pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n tún sọ pé ohun tí wọ́n máa ń ṣe jù ni pé kí wọ́n lùlù sí orin tí a ti kọ tán.

Ìbéèrè méjì ló kù. Ṣé kí n sọ pé olórin sẹ́ṣọ̀n gbọ́dọ̀ mọ ìwé orin kà? Bẹ́ẹ̀ ni ìwé tí a fi ń kọ́ wọn ṣe wí. Èkejì ni pé mo fẹ́ fi orin kan dánwò níwájú wọn, kí wọ́n gbọ́ ọ láìsí ìlù bàbá, kí wọ́n sì tún gbọ́ ọ pẹ̀lú ìlù náà. Báwo ni mo ṣe lè ṣe é?

Ẹlẹ́rọ Ìkẹjà

Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́. Èmi ni mo ń jókòó sídìí ẹ̀rọ ní sítúdíò. Ní ti ìwé orin, ó dá lórí ibi tí wọ́n ti pè ọ́. Ní Lọ́ńdọ̀n, bí wọ́n bá fẹ́ kí ogún onígòjé lu orin fíìmù láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹni tí kò mọ ìwé kà kò lè wọlé. Ní Ìkẹjà níbí, etí ni ọ̀pọ̀ ń lò. Onígìtá tàbí onídùrù yóò béèrè kíì orin, a ó sì sọ fún un pé orin náà ń ti orí ọ̀kan lọ sí mẹ́rin, ó ń lọ sí márùn-ún, ó ń padà sí ọ̀kan. Àwọn ọmọ yín tí wọ́n ń lùlù ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ èyí dáadáa. Bàbá tí ń lu dùndún kò nílò èyíkéyìí nínú méjèèjì, èdè ni wọ́n ń lù. Nítorí náà, ẹ má sọ "gbọ́dọ̀".

Ní ti ìdánwò, ẹ má wulẹ̀ wá orin tí ó ti jáde. Kí ẹ tó lè yọ ìlù kúrò nínú rẹ̀, ẹ ní láti rí ẹni tí ó ni sítúdíò náà, kí ó ṣí iṣẹ́ náà padà, kí ó pa ìlù lẹ́nu mọ́, kí ó sì gba ìyọ̀ǹda olórin. Ó lè tó oṣù kan. Ohun tí ó rọrùn ni pé kí ẹgbẹ́ akọrin ilé-ìwé kọ orin kúkúrú kan tí gbogbo ọmọ mọ̀, ẹsẹ kan péré, láìsí ìlù kankan. Kí wọ́n tún un kọ, kí bàbá wá lùlù sí i. Kí ẹnìkan máa fi igi méjì lu "kọ́, kọ́, kọ́" ní ẹ̀gbẹ́ kan dípò kílíìkì, kí àwọn ọmọ lè rí ohun tí onílù ń tẹ̀lé.

Ẹ má gbé máìkì síwájú ìyáàlù o. Ohùn rẹ̀ tó fún gbọ̀ngàn ilé-ìwé, ṣaworo etí rẹ̀ yóò sì máa wọ inú máìkì ju ohùn awọ lọ. Ní sítúdíò pàápàá, mo máa ń bẹ onílù nígbà mìíràn pé kí ó fi aṣọ di ṣaworo náà. Ẹ gbé máìkì fún àwọn akọrin nìkan. Bí òjò bá sì rọ̀ mọ́jú ọjọ́ náà, ẹ fún bàbá láyè láti wá ibi tí oòrùn wà, nítorí awọ tí ó bá ti rin kì í dún ketekete.

Olùkọ́ Orin, Ìbàdàn

Mo ti tún un kọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wò ó:

"Ẹ̀yin ọmọ wa, mo fẹ́ kí ẹ pa ojú dé díẹ̀, kí ẹ ronú kan orin tí ẹ fẹ́ràn jù. Ẹ mọ orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìlù kan wà nínú rẹ̀, gìtá kan wà nínú rẹ̀. Ta ni ó lù wọ́n? Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ẹni tí ó kọrin, kì í sì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹnìkan ni wọ́n pè wá láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí ó gbọ́ orin náà fún ìgbà àkọ́kọ́, tí ó lù ú kí ilẹ̀ tó ṣú, tí ó sì padà sílé. Iṣẹ́ tí àlejò wa ń ṣe nìyẹn.

Bí olórin bá pè wọ́n, wọn kì í kọ́kọ́ lùlù. Wọ́n máa ń gbọ́. Wọ́n ń wá ibi tí akọrin ti ń mí, nítorí ibẹ̀ ni ìlù lè gbà sọ̀rọ̀. Wọ́n ń béèrè ẹni tí a ń fi orin náà kí, kí ìlù má baà wí ohun tí orin kò wí. Lẹ́yìn náà, ìró kan yóò máa dún ní etí wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìlù wọn kò sì gbọdọ̀ sáré jù ú, kò gbọdọ̀ rẹ̀yìn fún un. Ẹ ó rí ìyẹn láìpẹ́.

Ọ̀kan nínú yín bi mí pé kí ló dé tí a kò mọ orúkọ wọn. Orúkọ ẹni tí ó kọrin ni wọ́n ń kọ síwájú àwo. Ní Détíróìtì ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn kan wà tí gbogbo ayé ń jó sí ohun èlò wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí orúkọ wọn tó hàn lára páálí àwo ní 1971. Ohun tí wọ́n lù ni ayé mọ̀.

Ẹgbẹ́ akọrin wa yóò kọ ẹsẹ kan láìsí ìlù. Bàbá yóò wá dara pọ̀ mọ́ wọn. Ẹ fetí sí ohun méjì: ibi tí ìlù wọlé, àti ibi tí ìlù dákẹ́. Lẹ́yìn náà, kí ẹni tí ó bá ní ìbéèrè dìde."

Ọmọ Àyàn

Olùkọ́, ó dára. Ohun mẹ́ta péré ni mo rí. Àkọ́kọ́, ẹ kò dárúkọ bàbá níbì kankan. Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń fẹ́ kí a pè wọ́n, pẹ̀lú orúkọ Àyàn wọn bí wọ́n bá ní in, kí ẹ sì fi í sí ẹ̀yìn gbólóhùn "Iṣẹ́ tí àlejò wa ń ṣe nìyẹn", níbi tí àwọn ọmọ ti ń retí rẹ̀. Ìkejì, "tí ó gbọ́ orin náà fún ìgbà àkọ́kọ́" kì í ṣe òótọ́ nígbà gbogbo. Lónìí, wọ́n lè fi orin náà ránṣẹ́ sí fóònù rẹ lálẹ́ àná. Ẹ kọ ọ́ pé "tí ó lè jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò gbọ́ orin náà". Ìkẹta, ẹ sọ fún bàbá ṣáájú orin tí ẹgbẹ́ akọrin yóò kọ, tàbí kí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ má sọ, bí wọ́n bá gbà bẹ́ẹ̀. Bí ẹ kò bá sọ, àwọn ọmọ yóò rí bí wọ́n ṣe ń gbọ́ kí wọ́n tó fi kọ̀ǹgọ́ kan ìlù, ṣùgbọ́n ẹ ó nílò ìṣẹ́jú méjì sí i.

Ẹlẹ́rọ Ìkẹjà

Mo fara mọ́ ọn pé kí wọ́n má sọ. Kí ẹgbẹ́ akọrin kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì láìsí ìlù nígbà náà, nítorí ẹ̀ẹ̀kan kò tó fún ẹnikẹ́ni láti mọ ibi tí ẹsẹ parí sí.

Ará Àpápá

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àbúrò tí ó tọ́ mi sọ́nà lórí ọ̀rọ̀ Kabaka. Síbẹ̀, mo ṣì rò pé ó yẹ kí orúkọ ọmọ ilẹ̀ wa kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà dípò ti Détíróìtì nìkan. Babátúndé Ọlátúnjí, ọmọ Ajídò lẹ́bàá Badagry, lùlù sínú àwo Max Roach, onílù jáàsì, ní Amẹ́ríkà ní 1960, ọdún kan náà tí àwo tirẹ̀ ń tà. Èyí yóò fi yé àwọn ọmọ pé ẹnìkan lè ní orúkọ tirẹ̀ kí ó sì tún máa lùlù fún ẹlòmíràn.

Olùkọ́ Orin, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun, sà. N óò fi Ọlátúnjí rọ́pò Détíróìtì nínú ọ̀rọ̀ àkọ́sọ, n óò sì fi ti Détíróìtì pamọ́ fún ìgbà ìbéèrè, nítorí pé ìṣẹ́jú márùn-ún kò gba méjèèjì. Bàbá ti gbà pé kí n má sọ orin tí àwọn ọmọ yóò kọ fún àwọn. Mo ti ní kí ẹgbẹ́ akọrin kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ti wá ọmọ kan tí ọwọ́ rẹ̀ dúró láti máa lu igi. Ní ti ọ̀rọ̀ owó, mo ti kọ gbólóhùn kan ṣoṣo nípa rẹ̀ sí ìwé ọ̀tọ̀. N óò kà á sí bàbá létí kí a tó wọ gbọ̀ngàn, àwọn ni yóò sì sọ bóyá kí n kà á tàbí kí n fi í sílẹ̀.